Nóòtì ọjà, nóòtì ọwọ́ ẹni àbí káàdì ìbéèrè: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ fi ka báyọ́lọ́jì Wáẹ́ẹ̀kì, táìmùtébù wo ló sì bá a lọ?

Ọmọ kan tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìn ní Táńkẹ̀ wá bá mi lọ́dún tó kọjá, ó ní "Ańkù, mo ti ka kídìnrín ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ bi mí." Mo ní ó dáa, pa ìwé yẹn dé, níbo ni wọ́n ti ń ṣe yúríà nínú ara? Ó ní kídìnrín. Mo ní ṣé ó dá ẹ lójú? Ló bá ṣí áńdáòtì tó rà, ó nawọ́ sí i, lóòótọ́ sì ni, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà wípé kídìnrín ló ń ṣe yúríà. Irọ́ ni. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, kídìnrín kàn ń sẹ́ ẹ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ọmọ yẹn ò sì ya ọ̀lẹ o, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kàwé, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ló ka irọ́.

Látìgbà yẹn, tí àwọn ọmọ Ẹ́sẹ́ẹ̀sì 3 bá ti ní kí n báwọn mú sọ́marì tí wọ́n máa fi ka báyọ́lọ́jì, mi ò kí ń dárúkọ kankan kí n tó bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin. Èló lẹ lè ná. Wákàtí mélòó lẹ ní lọ́sẹ̀, ẹ má parọ́ fún mi, ẹ yọ ilé kéwú, omi pípọn àti ṣọ́ọ̀bù màámi kúrò. Ṣé ohun tó wà nínú nóòtì yẹn péye. Ìkẹrin ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: tẹ́ ẹ bá pa á dé, ṣé ẹ ṣì máa rántí ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan?

Ìkẹrin yìí ló máa ń tan àwọn ọmọ jẹ. Ní 2006, àwọn olùwádìí méjì kan ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ yunifásítì ní nǹkan kékeré kan kà, wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, kí àwọn tó kù pa á dé kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló mọ̀ ọ́n jù, wọ́n rántí 81 nínú 100, àwọn tó kọ ọ́ rántí 75. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan ó yí padà, àwọn tó pa ìwé dé rántí 56, àwọn tó tún un kà ò ju 42 lọ. Ìdí nìyẹn tí àkàtúnkà fi máa ń dùn mọ́ èèyàn, torí kíákíá ni ojú máa ń mọ ìwé tó ti rí rí, ẹ ó rò wípé ẹ ti mọ̀ ọ́n, ó dẹ̀ di inú họ́ọ̀lù kẹ́ ẹ tó rí i wípé ojú ló mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ò mọ̀ ọ́n kọ.

Ẹ rántí bí ìdánwò náà ṣe rí o. Ìbéèrè 50 ni ọ́bújẹ́kítíìfù, ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n sì fún yín. Tíọ́rì jẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40. Pírátíkà jẹ́ wákàtí méjì. Nóòtì kan ṣoṣo ò lè múra yín sílẹ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín wípé tòun lè ṣe é, ọjà ló ń tà.

Nóòtì ọjà

Èyí ni áńdáòtì tí wọ́n ń tà níbi fọ́tòkọ́pì àti pídíẹ́fù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri lórí Wásáàpù. Kò wọ́nwó, ẹlòmíì ò tiẹ̀ ná kọ́bọ̀ torí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i. Kò gba àsìkò náà, wọ́n ti kọ ọ́ tán, tiyín ni kẹ́ ẹ kà á. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré tẹ́ ẹ ò tíì ní nóòtì kankan, mi ò ní bá yín jà tẹ́ ẹ bá rà á.

Ibi tó ti ń ṣe èèyàn ni wípé ẹni tó kọ ọ́ ò bá yín wọ họ́ọ̀lù. Wọ́n á dà á kọ láti inú òmíì, àṣìṣe inú ti àkọ́kọ́ á bá a lọ, ẹni tó tún máa tẹ̀ ẹ́ á fi tiẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ojú ewé kídìnrín ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe máa ń pọ̀ sí. Mo máa ń wò ó bóyá ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ní ó ń ṣe yúríà. Mo máa ń wò ó bóyá wọ́n mọ ìyàtọ̀ yurítà sí yurẹ́tírà: yurítà ló ń gbé ìtọ̀ láti kídìnrín lọ sí àpò ìtọ̀, yurẹ́tírà ló ń gbé e láti àpò ìtọ̀ jáde síta. Màá tún wo ohun tí wọ́n sọ nípa gúlúkóòsì. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú omi tí kídìnrín kọ́kọ́ sẹ́, kò sì gbọdọ̀ sí nínú ìtọ̀ ẹni tí ara ẹ̀ dá, torí ara ti gbà á padà lójú ọ̀nà. Tí ọ̀kan bá wọ́ nínú mẹ́ta yìí, mo máa ń dá a padà, torí ẹni tó ṣi kídìnrín kọ máa ṣi àwọn tó kù náà kọ.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á tẹ́lẹ̀, ẹ má sun ún. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé báyọ́lọ́jì tí wọ́n fi kọ́ yín nílé ìwé, kẹ́ ẹ máa fi bírò pupa tún un ṣe. Iṣẹ́ àtúnṣe yẹn gan-an á kọ́ yín ju áńdáòtì fúnra ẹ̀ lọ.

Nóòtì ọwọ́ ẹni

Ìwé kíkọ kan àti bírò méjì, dúdú kan pupa kan, owó ẹ̀ náà nìyẹn. Àsìkò ló wọ́n níbí. Mo rí ọmọbìnrin kan tó kọ kídìnrín sí ojú ewé mẹ́fà, bírò aláwọ̀ mẹ́rin, ó fi rúlà sábẹ́ gbogbo àkọlé, ó rẹwà tí wọ́n bá ní kí wọ́n gbé e kọ́ ògiri. Mo bi í léèrè ohun tó wà níbẹ̀, kò lè sọ. Ó ń wo ìwé ó sì ń kọ ni, ohun tí ojú ẹ̀ rí ọwọ́ ẹ̀ gbé e sílẹ̀, kò dé ọpọlọ rárá. Fọ́tòkọ́pì lásán lòun náà, àfi wípé ó pẹ́ ju ti ẹ̀rọ lọ.

Bí mo ṣe ń ní kí wọ́n ṣe é ni wípé kẹ́ ẹ ka orí kan nínú ìwé fún bíi ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ wá fi bírò dúdú kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ rántí sí ojú ewé kan ṣoṣo, àwòrán náà wà níbẹ̀. Tó bá tán lórí yín, ẹ ṣí ìwé, ẹ fi bírò pupa kọ ohun tẹ́ ẹ gbàgbé àtohun tẹ́ ẹ ṣì. Pupa yẹn lọ̀rọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá padà wá lọ́jọ́ kejì, ẹ ò nílò àti ka gbogbo ẹ̀ mọ́, pupa ló ń sọ ibi tí ìṣòro wà fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi kídìnrín han yín. Tí mo bá fẹ́ kọ ọ́ sójú ewé kan, orí ògì ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Tí ìyá yín bá ń sẹ́ ògì, á da ọkà lílọ̀ sínú aṣọ, á fún un, omi àti ògì á bọ́ sílẹ̀, èérí á dúró sókè. Báyẹn náà ni gìlòmẹ́rúlọ́ọ̀sì, ìyẹn ìdì òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà níbẹ̀rẹ̀ nẹ́fírọ́ọ̀nù, ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Òpó tó gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé fẹ̀ ju èyí tó ń gbé e jáde lọ, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ fún mọ́ra níbẹ̀. Omi, iyọ̀, gúlúkóòsì àti yúríà á já kọjá, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àti purotéènì tóbi jù, èérí nìyẹn, wọ́n á dúró. Ohun tí wọ́n ń sẹ́ lóòjọ́ tó bíi 180 lítà, ìyẹn ju kéègì 25 méje lọ, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ tí èèyàn ń tọ̀ ò kí ń ju bíi lítà kan àtààbọ̀ lọ. Níbo ni ìyókù lọ? Ara gbà á padà bó ṣe ń gba inú ọ̀nà tóóró nẹ́fírọ́ọ̀nù kọjá, gbogbo gúlúkóòsì àti omi tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló padà sínú ẹ̀jẹ̀.

Nóòtì ọwọ́ ẹni dáa jù fún ohun tó bá ń tẹ̀ lé ara ẹ̀ bí ẹ̀wọ̀n, tí ọ̀kan ń fa èkejì. Ìbéèrè tíọ́rì kan ni: kí ló dé tí ìtọ̀ fi ń kéré tó sì ń pọ́n lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú? Tẹ́ ẹ bá kọ "torí a ti làágùn" nìkan, máàkì díẹ̀ lẹ máa rí. Ẹ̀wọ̀n náà lọ báyìí: ara làágùn, omi inú ẹ̀jẹ̀ dín kù, ọpọlọ rí i, píítúítárì tú hómóònù ADH síta púpọ̀ sí i, ADH jẹ́ kí ara ògiri ọ̀nà ìtọ̀ tó gbẹ̀yìn nínú kídìnrín máa gba omi kọjá dáadáa, omi púpọ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó kù ṣẹ́ kù díẹ̀ ó sì ki. Ẹ fi ọfà so wọ́n pọ̀ lójú ewé yẹn. Ọfà tẹ́ ẹ bá gbàgbé lẹ fi pupa fà.

Káàdì ìbéèrè

Ẹ ra káádíbọ́ọ̀dù kan, ẹ máa pín in sí méjì méjì kẹ́ ẹ sì máa gé e, ẹ̀ẹ̀márùn-ún tẹ́ ẹ bá pín in, káàdì 32 ló máa dà. Ìbéèrè lójú kan, ìdáhùn lẹ́yìn. Kídìnrín gbà mí ní káàdì mẹ́sàn-án, nítorí náà káádíbọ́ọ̀dù kan máa tó orí mẹ́ta, ó tiẹ̀ máa ṣẹ́ kù. Òun ló rọrùn jù láti gbé kiri, ó wọ àpò, kò nílò dátà, tórṣì fóònù kékeré tó o tí nẹ́pà bá mú iná lọ.

Àṣìṣe tí wọ́n máa ń ṣe ni wípé wọ́n á kọ "Kídìnrín" sójú kan, wọ́n á wá kó gbogbo ayé sẹ́yìn. Káàdì kọ́ nìyẹn, áńdáòtì kékeré ni. Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kó wà lórí ọ̀kan: "Kí ló dé tí purotéènì ò fi sí nínú ìtọ̀ ẹni tí ara ẹ̀ dá?" "Òpó ẹ̀jẹ̀ wo ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí yúríà pọ̀ nínú ẹ̀ wọ kídìnrín?" Tí ìdáhùn bá ju ìlà méjì lọ, ẹ pín in. Ẹ kọ orúkọ àwọn nǹkan síbẹ̀ bí ìwé ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, lẹ́tà kan ò gbọdọ̀ sọnù, torí tẹ́ ẹ bá ṣi orúkọ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, wọn ò ní fún yín ní máàkì ẹ̀, kódà kí àwòrán dára bí fọ́tò.

Káàdì dáa fún ọ́bújẹ́kítíìfù, fún orúkọ, fún ìyàtọ̀ nǹkan méjì. Kò dáa fún ẹ̀wọ̀n ADH tí mo sọ lókè yẹn. Ọmọ tó bá fi káàdì nìkan kàwé á mọ gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá ní kó sín in tán, okùn ò ní sí lọ́wọ́ ẹ̀.

Táìmùtébù wá ńkọ́?

Mẹ́ta lèmi mọ̀. Àkọ́kọ́ ni tò-tò-tò, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àkọ́kọ́ nínú sílábọ́ọ̀sì ẹ lọ dé ìparí. Òun ló rọrùn jù láti kọ, gbogbo ọmọ ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjìlá, tí kídìnrín sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló máa wà láàárín ìgbà tẹ́ ẹ kà á àti ìdánwò. Kí ló fẹ́ kù níbẹ̀? Yàtọ̀ síyẹn, tẹ́ ẹ bá pàdánù ọ̀sẹ̀ kan, bóyá ẹ ṣàìsàn, gbogbo ẹ̀ á yẹ̀, jẹ̀nẹ́tíìkì tó máa ń wà lápá ìparí lọ́pọ̀ ìgbà ni kò ní sí ọjọ́ fún.

Èkejì ni àpadàwá. Ẹ̀ ń ka orí tuntun méjì péré lọ́sẹ̀ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wákàtí kan, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ ìpadàbọ̀ mẹ́ta: lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ká sọ wípé Mọ́ńdè lẹ ka kídìnrín, ẹ padà sí i ní Wẹ́sìdeè, ẹ padà sí i ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ẹ tún padà sí i ní Mọ́ńdè tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà á. Ìpadàbọ̀ kì í ṣe kíkà o. Ẹ gba bébà òfìfo, ẹ ya nẹ́fírọ́ọ̀nù, ẹ kọ ẹ̀wọ̀n ADH, ẹ da káàdì mẹ́sàn-án yẹn kọjá, ìṣẹ́jú 12 tó. Àwọn ọmọ máa ń sọ wípé ìpadàbọ̀ á pọ̀ lé àwọn lórí. Mo ti bá wọn ṣírò ẹ̀: nígbà tó bá gbóná tán, orí tuntun méjì jẹ́ ìṣẹ́jú 120, ìpadàbọ̀ mẹ́fà jẹ́ 72, gbogbo ẹ̀ wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 12 lọ́sẹ̀. Kò pa èèyàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá á gbé yín dé ogún orí, ọ̀sẹ̀ méjì tó kù á jẹ́ ti pásíkúẹ́ṣìn. Ẹ fi Sọ́ńdè sílẹ̀ lófìfo, òun ni àpò tẹ́ ẹ máa kó gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá pàdánù sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlọrin, ẹ wo kàlẹ́ńdà àwẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ wákàtí sílẹ̀. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn yìí, oṣù àwẹ̀ ń bọ́ sáàárín Fẹ́búárì sí Éépírì, nígbà tí Wáẹ́ẹ̀kì ti kù díẹ̀. Ẹni tó bá kọ "aago mẹ́jọ alẹ́" síbẹ̀, tàráwíì ló ń bá jà, á sì pàdánù. Ẹ gbé orí tuntun sẹ́yìn sààrì nígbà tí orí ṣì tutù, kẹ́ ẹ fi ìpadàbọ̀ kékeré sáàárín ọjọ́.

Ẹ̀kẹta ni pásíkúẹ́ṣìn-ló-ṣáájú. Ẹ jókòó, ẹ ṣe ìbéèrè 50 ọdún kan ní ìṣẹ́jú 50, ẹ máàkì ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ orí tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ kùnà ti wá. Ọmọ kan ṣe é lọ́wọ́ mi, ó gba 31, inú ẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n mo ti ní kó fi àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo èyí tó méfò, àmì náà sì jẹ́ 16. Ìdáhùn mẹ́rin ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní, ẹni tó bá méfò 16 máa bọ́ sí bíi mẹ́rin láìmọ nǹkan kan. Mẹ́rin náà ló sì bọ́ sí, nítorí náà 27 ló mọ̀ lóòótọ́. Nínú 19 tó kùnà, mẹ́jọ wá látinú jẹ̀nẹ́tíìkì àti ìyípoyípo ohun alààyè, kídìnrín ò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ tò-tò-tò ló ń ṣe, orí sẹ́ẹ̀lì tó ti mọ̀ ni ì bá lo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lé. Àbùkù ẹ̀ ni wípé ọ́bújẹ́kítíìfù ò lè sọ fún yín bóyá ẹ lè kọ ẹ̀wọ̀n kalẹ̀, nítorí náà ẹ fi ìbéèrè tíọ́rì méjì sí i.

Pírátíkà ò sí nínú èyíkéyìí nínú wọn, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 20 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ ra ẹja ẹ̀pìyà kan ní Ìpàtà kí wọ́n tó sè é, tàbí kẹ́ ẹ la ọsàn ní ìdábùú. Pẹ́ńsùlù tó mú, ìlà ẹyọ kan tí kò ṣe jágajàga, ẹ má kun inú ẹ̀, ìlà orúkọ ẹ lo rúlà, kò gbọdọ̀ ní ẹnu ọfà, wọn ò gbọdọ̀ gba orí ara wọn kọjá. Tí ọsàn bá fẹ̀ tó 6 cm tí àwòrán yín sì fẹ̀ tó 12 cm, ẹ pín 12 sí 6, ×2 lẹ máa kọ. Ẹ má kọ "cm" sí i, mo ti rí ọ̀pọ̀ tó pàdánù máàkì síbẹ̀.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Tó bá ku oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ sì ní bíi wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, nóòtì ojú ewé kan pẹ̀lú táìmùtébù àpadàwá ni, kẹ́ ẹ fi káàdì ti orúkọ lẹ́yìn. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó ń dúró ti ìyá ẹ̀ ní Ọjà Ọba látìgbà tí ilé ìwé bá ti jáde, tí ò ní wákàtí kan gbáko, káàdì ni tiẹ̀. Oníbàárà kan lọ, káàdì mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kó wá ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó máa jókòó kọ ẹ̀wọ̀n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tíọ́rì á mú un.

Tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má bẹ̀rẹ̀ nóòtì tuntun mọ́, ẹ̀ ń fàsìkò ṣòfò. Pásíkúẹ́ṣìn ló ṣáájú, ẹ mú orí mẹ́fà tẹ́ ẹ ti kùnà jù, ẹ fi áńdáòtì tẹ́ ẹ bá ti yẹ̀ wò kà á. Ẹni tó ń tún Wáẹ́ẹ̀kì ṣe náà, ibẹ̀ ni tiẹ̀, torí ó ti ní nóòtì, ohun tí ò mọ̀ ni ibi tó ti fọ́.

Ọmọ ẹlẹ́ẹ̀mẹrin yẹn ò ju áńdáòtì ẹ̀ nù ṣá o, ó ní owó òun ni. Ó fi bírò pupa fagi lé kídìnrín lójú ewé yẹn, ó kọ ẸDỌ̀ sórí ẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá, ó wá yí i po lẹ́ẹ̀mejì.